Ìkíni Nìkan Kọ́: Ohun Tí Orúkọ Ọmọlúàbí Ń Béèrè Lọ́wọ́ Ẹni

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà Ọ̀ṣun, láti 2010 sí 2018, ìjọba rẹ̀ fún ìpínlẹ̀ náà ní ìnagijẹ kan: Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí. Ọ̀rọ̀ tí àwa ará Òṣogbo ń gbọ́ lẹ́nu bàbá àti ìyá wa nínú ilé wá di ọ̀rọ̀ orí pátákó àti ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèlú. Ìjọba yẹn ti lọ, ọ̀rọ̀ náà kò lọ. Ọlọ́kadà tó fún èrò ní ṣéńjì tó pé, wọ́n á ní ọmọlúàbí ni. Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọmọlúàbí ni. Olóṣèlú tó pín ìrẹsì nígbà ìbò, àwọn tó jẹ nínú rẹ̀ á ní ọmọlúàbí èèyàn ni. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn kan tún ń fi orúkọ yẹn ṣìpẹ̀ fún un. Bí orúkọ kan bá ti ń bá gbogbo wọn mu báyìí, ó yẹ ká jókòó, ká bi ara wa léèrè ohun tó ń sọ gan-an.

Ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà tú ọ̀rọ̀ náà pọ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Èyí tí a ń gbọ́ jù ni “ọmọ tí olú ìwà bí”, ìyẹn ọmọ tó jáde láti ara orísun ìwà fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn tú u sí ọmọ tó ní ìwà bí ẹni tí a bí ire, tí a sì tọ́. Ẹ̀kẹta, tí àwọn onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí kan fẹ́ràn, ni “ọmọ tí Nóà bí”, èyí tí wọ́n fi so ọ̀rọ̀ náà mọ́ Ànábì Núù. Èyí kẹta yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé àwọn àgbà tó ń pe ọ̀rọ̀ náà yanjú ṣì ń sọ pé “ọmọlúwàbí”, ìwà sì hàn gbangba láàárín rẹ̀. Ọ̀nà yòówù kí a gbà tú u, orí ìwà ló ń já sí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni “bí” tó wà níparí rẹ̀ yẹn. Wọ́n rò pé ìdílé ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ: pé ọmọ ọba, ọmọ olóyè, ọmọ ilé ńlá ni ọmọlúàbí. Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀, orúkọ méjì mìíràn tí a ní ló sì jẹ́rìí sí i. A ní àbíìkọ́, ẹni tí wọ́n bí tí wọn kò kọ́. A tún ní àkọ́ọ̀gbà, ẹni tí wọ́n kọ́ tí kò gbà. Àbíìkọ́ lè jẹ́ ọmọ ààfin, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lọ́rùn àwọn tó tọ́ ọ. Àkọ́ọ̀gbà ní tirẹ̀ kò ní ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ilé ti ṣe tilé, òun ni kò gbọ́. Ọmọlúàbí wá ni ẹni tí wọ́n bí, tí wọ́n kọ́, tó sì gbà. Ẹ rí i pé ìbí wulẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ni, ẹ̀kọ́ ló mú èèyàn wọlé, gbígbà tó gba ẹ̀kọ́ náà ló sì mú un jókòó. Ìdí nìyí tí ọmọ méjì fi lè mu ọmú kan náà, tí wọn yóò sì jẹ pàṣán kan náà, tí a ó sì pe ọ̀kan ní ọmọlúàbí, tí ènìyàn kò ní lè pe èkejì bẹ́ẹ̀ láìrẹ́rìn-ín.

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú ń rí lára ọmọlúàbí ni ìkíni, ìkíni náà ló sì ń tan èèyàn jẹ jù. Ọmọ tó bá jí tí kò kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, wọn kò ní dúró wo ohun mìíràn kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀ ní àbíìkọ́. A ní ìkíni fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, fún ẹni tó ń jẹun, fún ẹni tó ra nǹkan tuntun, fún ẹni tí òjò pa. Ẹni tó bá mọ gbogbo rẹ̀ lò ń fi hàn pé òun rí ẹnìkejì, òun sì mọ ipò tó wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀gbójú olè náà mọ̀ ọ́n kí. Gbájúẹ̀ tí yóò gba owó ọjà lọ́wọ́ ìyá arúgbó ní Ọjà Ọba yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ni, yóò bi í nípa ara líle àti àwọn ọmọ. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ojú ayé nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tí kò kí èèyàn ti já nínú ìdánwò kìíní, ṣùgbọ́n ẹni tó kí èèyàn kò tíì yege nínú ohunkóhun.

Kí ni àwọn àgbà wá ń wò lẹ́yìn ìkíni? Òwe kan wà tí mo gbà pé ó súnmọ́ ìdí ọ̀rọ̀ náà ju gbogbo ìtumọ̀ tí a ti tú lọ: “Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi.” Ẹ̀ẹ́ rí i pé òwe yìí kò sọ̀rọ̀ nípa ìkúnlẹ̀ tàbí ohùn tútù. Ohun tó sọ ni pé nǹkan kan wà nínú ọmọlúàbí tó ń parí ọ̀rọ̀ tí a kò sọ tán. Ọpọlọ wà ńbẹ̀, lóòótọ́, nítorí pé òmùgọ̀ kò lè sọ àbọ̀ di odindi. Ìtìjú sì wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Bí àǹtí kan bá sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, “Owó tí mo fún ọ lọ́jọ́ sí, mo ṣì ń rántí rẹ̀ o,” àbúrò tó jẹ́ ọmọlúàbí ti gbọ́ odindi: owó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, àǹtí nílò rẹ̀, kò fẹ́ kó ojú tì mí. Yóò wá owó náà, tàbí kó lọ sọ ìgbà tí yóò rí i. Àkọ́ọ̀gbà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yékéyéké bí tirẹ̀, ó kàn dákẹ́ nítorí pé wọn kò tíì sọ ọ́ síta ni. Ìwà ni ó ya àwọn méjèèjì.

Ìtìjú tí mo ń wí yìí kì í ṣe ti ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ojú tí ń ti ènìyàn nítorí ohun tó fẹ́ ṣe ni, kó tó ṣe é, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹni tí ojú ń tì nígbà tí àṣírí tú nìkan, ìyà ló ń bà á lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ohun tí Òṣogbo mọ̀ dáadáa, ìyẹn aró. Ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú yìí gan-an dá lórí nǹkan ẹlòmíì tó bàjẹ́. Láróòyè àti Olútìmẹ́yìn ló kó àwọn èèyàn wọn wá láti Ìpólé nítorí ọ̀dá omi, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Wọ́n ń pa igbó, igi kan wó sínú omi, ohùn kan sì ké láti ìsàlẹ̀ odò pé: “Oṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán!” Láti inú “oṣó igbó” yẹn ni wọ́n ní orúkọ ìlú ti jáde. Àwọn tí igi wọn wó kúrò níbi tí Ọ̀ṣun ní kí wọ́n kúrò, wọ́n bá a dá májẹ̀mú, májẹ̀mú náà la sì ń ṣe ìrántí rẹ̀ nínú ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Ògọ́ọ́sì títí di òní. Ó máa ń wù mí pé kí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí dúró díẹ̀ níbi igbe yẹn. Ẹni tí wọ́n ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ sọ ohun tó bàjẹ́ gan-an, ó ní “ẹ pẹ̀lẹ́”, kò sì fi èébú lé e. Àwọn tó bà á jẹ́ pẹ̀lú, nínú ìtàn náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún wa, kò síbi tí wọ́n ti ń ṣàwáwí pé àwọn kò mọ̀ pé ìkòkò wà lábẹ́ omi. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò ni.

Ká wá mú ọ̀rọ̀ náà dé àkókò tiwa. Ká ní ìyá oníṣòwò kan gbé ìgàn aṣọ funfun mẹ́ta fún ìyá aláró pé kó bá òun fi aró ẹ̀lú ṣe àdìrẹ fún ìgbéyàwó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Aró ẹ̀lú kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú: a ó gún ewé ẹ̀lú, a ó ṣù ú, a ó sá a gbẹ, a ó wá kó o sínú ìkòkò pẹ̀lú omi eérú tí a ti sẹ́, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó mú. Aró tó mú dáadáa, bí a bá fa aṣọ yọ nínú rẹ̀, aṣọ náà á kọ́kọ́ hàn bí ewé, kí atẹ́gùn tó fẹ́ sí i kó di dúdú. Èyí tí kò tíì mú yóò kan pa aṣọ láró lójú ni, ìgbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ ni yóò ṣí. Ọmọ iṣẹ́ ìyá aláró wo ìkòkò láàárọ̀, ó ní, “Ìyá, aró yìí ò tíì mú o.” Ìyá ń kánjú nítorí pé iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, ó ní kó rẹ aṣọ sí i. Wọ́n rẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣan ìgàn kan, omi rẹ̀ kò mọ́ títí, aṣọ sì rọ̀ di aláwọ̀ eérú.

Ẹ̀ẹ́ rí i pé kò tíì sí ẹni tó mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ibi tí ọmọlúàbí ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọgbọ́n tó rọrùn wà lọ́wọ́: kí ìyá aláró ká ìgàn tó dára sókè, kó ká èyí tó ṣí sí ìsàlẹ̀, kó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, tí aṣọ bá wá ṣí lẹ́yìn ìfọ̀, kó ní ọṣẹ tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ ló burú. Ó ṣeé ṣe kí ìyá oníṣòwò má lè já a ní koro láéláé.

Ohun tí ìwà ń béèrè ni pé kó lọ sọ fún un kó tó di pé aṣọ kúrò lọ́wọ́ òun, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì tó di ọjọ́ mẹ́ta. Àsìkò tí a sọ òótọ́ wà lára òótọ́ náà. Ẹni tó dúró títí tí kò fi sí àtúnṣe mọ́, tó wá ń sọ̀rọ̀ tòótọ́, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹni tó purọ́. Bó bá sì débẹ̀, kò gbọdọ̀ ti ẹ̀bi sí ọmọ iṣẹ́ lọ́rùn. “Ọmọ yìí ló rẹ ẹ́” kì í ṣe irọ́ pátápátá, ọwọ́ ọmọ náà ló kúkú rẹ aṣọ sínú aró, ṣùgbọ́n irú òótọ́ yẹn ni Yorùbá ń pè ní èké. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni pé, “Èmi ni mo kánjú, aró kò tíì mú.” Lẹ́yìn náà ló kan àtúnṣe: yóò tún aṣọ náà rẹ nígbà tí aró bá mú, kò ní gba kọ́bọ̀ lé e, bí kò bá sì ṣeé túnṣe, yóò wá owó ìgàn náà san. Ẹ̀bẹ̀ láìsí àtúnṣe kò tó. Ẹni tó kàn kúnlẹ̀ tó ń sọ pé “ẹ má bínú, ìyá mi,” tí kò sọ ohun tí yóò ṣe, ìkíni ló ṣì ń kí, kò tíì ṣe ohunkóhun.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kan ìyá oníṣòwò, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ti bọ́ nínú ìdánwò, pé ohun tó bá wù ú ló lè sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó lè bínú, ó tiẹ̀ yẹ kó bínú. Ṣùgbọ́n bó bá jáde sí àárín ọjà, tó ń pariwo pé olè ni aláró, tó ń ṣépè fún àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ̀bi tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Aṣọ ló bàjẹ́, òun wá ba orúkọ jẹ́, orúkọ sì ṣòro ó tún rẹ. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé kó sọ ohun tó bàjẹ́ àti ohun tí òun fẹ́, níwájú ẹni tó kàn. Bí aláró bá gbà, tó sì ṣàtúnṣe, a kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní gbólóhùn asọ̀ lórí nǹkan mìíràn. Èyí ló ṣòro jù fún ọ̀pọ̀ wa. A ti forí jì, ṣùgbọ́n a fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sí àpò de ọjọ́ ìjà.

Bí wọn kò bá lè yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn, wọn yóò gbé e dé iwájú àgbà, bóyá ìyálọ́jà tàbí olórí ẹgbẹ́. Àgbà náà wà nínú ìdánwò bíi tiwọn. Òwe sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bó bá jẹ́ pé ìyá oníṣòwò ló kọ́kọ́ dé, tó sì mú nǹkan wá, tí àgbà ti sọ̀rọ̀ tán kí aláró tó débẹ̀, irun funfun orí rẹ̀ kò sọ ọ́ di ọmọlúàbí. N kò fẹ́ kí á gbàgbé èyí, nítorí pé ọmọdé la máa ń fi orúkọ yìí bá wí ṣáá, bí ẹni pé àgbà ti gba tirẹ̀ tán.

Ọmọ iṣẹ́ ńkọ́? Òun gan-an ló wà ní ibi tó le jù, òun ló sì gbé wa dé orí àṣìlò tó burú jù lára ọ̀rọ̀ náà. Ká ní ìyá aláró kò ní ìgboyà, tó sọ níwájú oníbàárà pé ọmọ iṣẹ́ ló fi ìkánjú ba aṣọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò sọ pé bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọlúàbí, yóò dákẹ́, nítorí pé ọmọdé kì í já àgbà ní irọ́. Èmi kò gbà. Òótọ́ sísọ wà lára ohun tí orúkọ yẹn ń béèrè, kò sì síbi tí wọ́n ti yọ ọmọdé kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí ìtẹríba ń béèrè ni ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. Yóò kúnlẹ̀, yóò ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ẹ má bínú. Mo sọ fún yín láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kò tíì mú.” Kò gbé ohùn sókè, kò pe ìyá ní òpùrọ́, kò sì sọ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ó rí ààyè, ó lè pa á mọ́ra títí tí oníbàárà yóò fi lọ, kó wá sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ nínú ilé, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ lè lọ túnṣe. Ìyẹn dára jù níbi tí kò bá ti sí ìyà tí yóò jẹ ẹ́ ní báyìí-báyìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ gba owó ìgàn náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kó sọ ọ́ níbẹ̀.

Bákan náà ni fún obìnrin tí mo dárúkọ ìyà rẹ̀ ṣáájú. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń fi bò ó mọ́lẹ̀. Pẹ̀lẹ́ nínú ìwà pẹ̀lẹ́ ń tọ́ka sí bí ọwọ́ èèyàn ṣe ń ba ẹlòmíì: kì í le, kì í gún, kì í já lu nǹkan. Ẹni tó ń luni ló já nínú ìwà pẹ̀lẹ́, kì í ṣe ẹni tó kígbe. Àwọn tó ń sọ fún un pé kó fara dà á nítorí ọmọlúàbí ni, wọ́n ń fi ẹrù ẹni tó ṣẹ̀ lé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lórí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń bí mi nínú.

Àwọn babaláwo ní ìtàn kan nípa èyí tó jinlẹ̀. Nínú Ifá, Ìwà jẹ́ obìnrin, ọmọ Sùúrù, Sùúrù sì jẹ́ ọmọ Olódùmarè. Ọ̀rúnmìlà fẹ́ Ìwà ní aya, ṣùgbọ́n ó rí àbùkù kan lára rẹ̀ tí kò lè fara mọ́, ó sì lé e lọ. Ìgbà tí Ìwà lọ tán ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú fún un: ọlá lọ, èèyàn kò yà á mọ́. Ó wá ń ti ilé ọba kan bọ́ sí ilé ọba mìíràn, ilé Alárá, ilé Ajerò, tó ń kọrin béèrè Ìwà lọ́wọ́ wọn. Ohun tó gba àkíyèsí mi nínú rẹ̀ ni ìdílé yẹn. Sùúrù ni bàbá Ìwà, ẹni tí kò bá lè bá bàbá gbé kò lè bá ọmọ gbé pẹ́. Sùúrù tí Ọ̀rúnmìlà ṣàìní kì í ṣe sùúrù àtijẹ ìyà, ti àtifarada àbùkù ẹlòmíì ni. Ifá kan náà ló ní: “Ìwà nìkàn ló ṣòro o, orí kan kì í burú lótù Ifẹ̀, ìwà nìkàn ló ṣòro.” Ẹni tó bá ń sọ pé orí òun ló burú ni òun fi ń hùwà báyìí, Ifá ti gba àwáwí yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Ìtàn náà tún fi hàn pé a lè pàdánù ìwà. Ọmọlúàbí kì í ṣe oyè tí a jẹ tí kò ní ṣí lórí ẹni. Ẹni ọgọ́ta ọdún tí gbogbo àdúgbò ń jẹ́rìí sí lè kó owó àjọ jẹ, kí orúkọ sì bọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó lè gbà á padà? Ìyẹn ń pẹ́. Yóò san owó náà, yóò sì gba kí wọ́n máa wo òun ní àwòtúnwò fún ìgbà pípẹ́ láìbínú.

Nítorí pé ojú ayé pọ̀, àwọn àgbà kì í bi ẹni fúnra rẹ̀ léèrè bóyá ọmọlúàbí ni. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wádìí, ìwádìí ìgbéyàwó ló sì gbé e yọ jù lọ. Kí ìdílé tó jẹ́ kí ọmọ wọn lọ sílé ẹlòmíì, wọn yóò rán ẹnìkan tí ojú kò mọ̀ sí àdúgbò náà. Kò ní lọ bá ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, nítorí pé ọ̀rẹ́ kì í sọ àìdáa ọ̀rẹ́. Yóò lọ bá ìyá tó ń ta ẹ̀kọ nítòsí, yóò béèrè bóyá ọ̀dọ́kùnrin náà ń san gbèsè rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lọ pè é. Yóò wá ẹni tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí tó sì ti kúrò, kó mọ ohun tó sọ nígbà tó ń lọ. Yóò béèrè bí ó ṣe ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ àti àwọn tó kéré sí i sọ̀rọ̀, pàápàá nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Yóò béèrè bóyá ó ti jẹ́jọ́ rí, àti bí ẹjọ́ náà ṣe parí, bóyá ó gba ìdájọ́ tàbí ó ṣì ń rojọ́. Kò sí ìkankan nínú àwọn ẹlẹ́rìí yìí tí ó níye lórí lójú ẹni tí wọ́n ń wádìí, kò sì ní ronú láti múra fún wọn. Ìyá ẹlẹ́kọ tí kò rí owó rẹ̀ gbà, tí wọ́n bi ní ìbéèrè kan ṣoṣo, yóò sọ tirẹ̀ láìfi bò.